Páúdà Tó Ń Sùn sí Ìsàlẹ̀ Ife

Ìdí mi ló jẹ́ kí n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kiriatíìnì. Mi ò ní fi bò fún yín. Mo jókòó sórí àpótí nílé mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ kan, mò ń bó ẹ̀gúsí, nígbà tí mo sì fẹ́ dìde, ìdí kọ̀, orúnkún kọ̀. Mo yí sọ́tùn-ún, mo yí sósì, àpótí ń bá mi yí kiri. Ìyàwó ilé kejì ló wá fà mí dìde, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í. Mo ní kó máa rín in, nítorí èmi alára ti ń rín in.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní eegun mi ò ṣe nǹkan kan, ẹran itan mi ló ń gbẹ. Ó ní kí n máa gbé nǹkan tó wúwo díẹ̀díẹ̀. Mo bi í léèrè pé ṣé ọmọ méje tí mo pọ̀n kò wúwo tó ni. Ó ní ìgbà wo ni mo pọ̀n wọ́n?

Ọmọ ọmọ mi ló gba ọ̀rọ̀ dókítà náà kanrí. Abdulqoyum lorúkọ rẹ̀, Qoyum là ń pè é. Ó ní jíìmù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí àwọn géńdé ti ń gbé irin. Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa jókòó, tí mo máa dìde, tí mo máa tún jókòó, pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́ méjèèjì, bí ẹni tí ó ń kírun tí kò ní sálámà. Nígbà tó yá, ó ní kí n bi dókítà bóyá mo lè máa lo kiriatíìnì. Dókítà yẹ kídìnrín mi wò, ó ní kò séwu. Ó ṣàlàyé pé ara ènìyàn fúnra rẹ̀ máa ń ṣe é, ó sì wà nínú ẹran àti ẹja. Inú iṣan ló máa ń kó pamọ́ sí, tí yóò fi ran ènìyàn lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ gbé nǹkan wúwo lẹ́ẹ̀kan náà. Qoyum wá ra agolo kan fún mi. Páúdà funfun ni, kò ní òórùn, kò dùn, kò korò. Mo máa ń bu síbí kékeré tó wà nínú rẹ̀ sómi, mo máa rò ó, kíá ló ti pòórá. Mo rò pé bí gbogbo kiriatíìnì ṣe rí nìyẹn.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá ni Marufat, ìyàwó Qoyum, bímọ. Mo di ẹrù mi, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wẹ ọmọ, kí n máa jó ìyá rẹ̀ lómi gbígbóná, kí n sì máa bá gbogbo ènìyàn wí. Iwájú ilé ni jíìmù wà, lábẹ́ páànù, nítorí náà, bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni mò ń rí. Àwọn ọkùnrin bọ́ra sílẹ̀, wọ́n ń mí bíi màlúù. Mo sọ fún Marufat pé ká ní mo mọ̀ pé ibẹ̀ dára báyìí, ǹ bá ti tètè yarọ.

Àìpẹ́ lẹ́yìn ìkómọ ni Shamsudeen dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, ó ju Qoyum lọ lọ́jọ́ orí, àyà rẹ̀ sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ọjà. Òun ló kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí jíìmù yìí kò tíì ní ju irin mélòó kan lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá síbẹ̀ báyìí, òun ló mú wọn wá, ibi tó bá sì kọjú sí ni wọ́n ń kọjú sí. Ó kí mi kú ìtọ́jú ọmọ, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó gbàdúrà fún ọmọ. Lẹ́yìn náà ló yọ ike omi kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e síwájú Qoyum. Omi inú rẹ̀ mọ́ lókè. Nísàlẹ̀, nǹkan funfun kan dì síbẹ̀ bí ìyẹ̀pẹ̀ odò.

Ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń lo kiriatíìnì tí Qoyum ń tà fún àwọn nínú ààwẹ̀ ni inú ti ń lọ́ òun, tí òun sì ń sáré wọ ilé ìgbẹ́ nígbà tí àwọn yòókù wà lórí ìrun àṣámù lálẹ́. Ó ní òun nìkan kọ́, àwọn mìíràn náà ń jẹ̀rora, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ ọ́.

“Qoyum, mo bá ẹ débí láti ìbẹ̀rẹ̀,” ó ní. “Ṣé yanrìn lo wá ń tà fún wa?”

Qoyum búra, ó ní kì í ṣe yanrìn. Shamsudeen ní òun ò fẹ́ ìbúra nínú ààwẹ̀, àlàyé ni òun fẹ́. Ó ní kó tó di òpin ọ̀sẹ̀, kí Qoyum jẹ́ kí àwọn mọ ohun tí àwọn ń gbé mì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, jíìmù tuntun ti ṣí lápá òde ìlú, ọkọ̀ ò sì wọ́n débẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Irú èyí tó wà nínú agolo mi ni Qoyum ń tà fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń tà á ń pè é ní máíkírónáísì, ìyẹn ni pé wọ́n tún un lọ̀ títí ó fi kúnná bí àtíkè. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ gbéra sókè títí àwọn ọmọkùnrin náà fi pa á tì. Qoyum wá lọ ra àpò ńlá kan, èyí tí wọn kò tún lọ̀, tí hóró rẹ̀ ṣì ki. Owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì ti inú agolo lọ bí ènìyàn bá wọ̀n ọ́n. Ó ń dì í sínú ọ̀rá fún wọn, inú gbogbo wọn dùn. Nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti lò ó gbẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun: fún ìwọ̀nba ọjọ́, kí wọ́n lo ìlọ́po mẹ́rin, lẹ́yìn náà kí wọ́n padà sí ìwọ̀n kékeré kan lójúmọ́. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, àárọ̀ ni wọ́n ń lo díẹ̀, ọ̀sán díẹ̀, ìrọ̀lẹ́ díẹ̀, alẹ́ díẹ̀. Ààwẹ̀ wá dé, ẹnu wà ní títì látàárọ̀. Qoyum ní kí wọ́n kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ nígbà ìṣínu, kí wọ́n gbé e mì lẹ́ẹ̀kan.

Àpò ńlá kì í ní síbí kékeré nínú, nítorí náà síbí ọbẹ̀ ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń bù ú kó ga bí òkè. Ta ló sì máa ṣínu nínú ooru Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní wá omi tó tutù jù lọ? Omi tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pò ó sí.

Ṣùgbọ́n mi ò mọ gbogbo ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Qoyum pe ọkùnrin tó ń kó ọjà fún un láti Ìbàdàn. Ọkùnrin yẹn ní kò sí wàhálà níbẹ̀: kí Qoyum sọ fún àwọn oníbàárà pé ti inú àpò kò dára, kó dà á nù lójú wọn, kó wá máa ta èyí tó kúnná nìkan fún wọn ní iye tó bá fẹ́. Ó tiẹ̀ fi agolo kan ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ kó lè fi hàn wọ́n. Qoyum gbé agolo náà sórí tábìlì, ó jókòó tì í, ó sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n mú aya wá fún tí kò bẹ̀bẹ̀ fún.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni páúdà tèmi tán. Mi ò fẹ́ fọwọ́ kan agolo orí tábìlì, mo bá lọ bù nínú àpò nígbà ìṣínu. Síbí ọbẹ̀ ni mo rí. Mo bù ú kó ga, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Mo dà á sínú ife omi yìnyín, mo rò ó, kò yọ́. Mo tún rò ó. Mo ní ṣé nítorí ìwọ ni máa ṣe máa dúró síbí, tí dòdò ń dúró dè mí? Mo gbé e mì tòun ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ife, ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ léyín mi.

Mi ò ní sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìrun. Ẹ ṣáà mọ̀ pé inú mi lọ́, ó pariwo, ó sì dá mi lẹ́jọ́. Mo ń gbé ìró mi sókè, mò ń sáré, èmi tí dókítà ní ẹran itan mi ti gbẹ. Marufat ní, “Màmá, iṣan yín ti dé o.” Mo fi í ré láti inú ilé ìgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́ kí èpè náà jáde dáadáa.

Bí mo ṣe jáde, mo sọ fún Qoyum pé òótọ́ ni Shamsudeen ń sọ, kó da ìranù yẹn nù. Ó ní òun náà ti pinnu bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú mi kì í gbà á kí wọ́n da nǹkan nù. Èmi ni mo máa ń fi omi ṣan ike òróró kí n tó sọ ọ́ nù, tí màá sì da omi náà sọ́bẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ń gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kúrò lórí iná, mo wo àpò náà ní igun ilé ìdáná, mo ní ó kéré tán, kí n wo nǹkan tí ó jẹ́. Yanrìn kì í yọ́ nínú omi gbígbóná. Mo bu síbí ọbẹ̀ kan sínú ife, mo bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dáadáa lé e, mo rò ó pẹ́ díẹ̀. Ó yọ́. Omi náà mọ́ gaara, èmi fúnra mi ń rí ìka mi ní òdìkejì ife.

Mo ní áà, mo ti rí i gbà. Mo gbé ife náà sínú fíríìjì kí n lè mu ún ní tútù nígbà ìṣínu, mo sì ń yan kiri inú ilé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè. Nígbà tí mo gbé e jáde nírọ̀lẹ́, nǹkan funfun yẹn ti padà. Ó ti sùn sí ìsàlẹ̀ ife bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó tiẹ̀ ń dán bí ìyọ̀.

Mo jókòó ti ife yẹn títí ẹ̀rín ara mi fi kúrò lẹ́nu mi. Nǹkan kan náà ni. Ooru ló mú un lọ, òtútù ló dá a padà. Kì í ṣe yanrìn, kì í ṣe ayédèrú. Òtútù ló ń dè é. Ohun tó sì wà nísàlẹ̀ ife mi nírọ̀lẹ́ àná ni mo gbé mì lódindi, ó wá lọ ń fa omi sínú ìfun mi.

Mo pe Qoyum. Mo fi hàn án, mo tún gbé ife náà sínú abọ́ omi gbígbóná, a jọ ń wò ó bó ṣe ń yọ́ padà. Ó lọ mú àpò, ó mú agolo, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára méjèèjì. Orúkọ kan náà ni, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Lílọ̀ nìkan ni ìyàtọ̀. Ohun tí yóò ṣe nínú iṣan kò yàtọ̀.

Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ó kàn jókòó sílẹ̀ ni.

Ìgbà náà ló tó sọ fún mi pé òun lòun ní kí wọ́n kó ti ọjọ́ kan pọ̀ mì nígbà ìṣínu. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, kò sì gbìyànjú rẹ̀ wò lára òun alára. Ó ní ó dà bí ìṣirò tó tọ́ nígbà tí òun ń sọ ọ́.

“Ìyá Àgbà, wọ́n ti gbà pé páúdà yẹn ni kò dáa,” ó ní. “Bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá ní èmi ni mo sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún wọn, ẹ wò ó, èmi ni mo ń dúró sẹ́yìn wọn bí irin bá wà lókè àyà wọn. Ta ló tún máa dùbúlẹ̀ síwájú mi?”

Mo mọ ohun tó ń sọ. Jíìmù yẹn ni oúnjẹ ilé yẹn, ọmọ tuntun sì wà lẹ́sẹ̀ mi tó ń fi ẹsẹ̀ gbá mi nínú. Bí mo bá ní kó lọ sòótọ́, tí gbogbo wọn bá kó lọ, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lèmi máa padà sí ní tèmi. Òun ló máa kù síbí.

“Jẹ́ ká ní o da ti àpò nù,” mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá. “O ta èyí tó kúnná fún wọn. Wọ́n á tún bù ú ní síbí ọbẹ̀, wọ́n á tún kó ti ọjọ́ kan pọ̀ sínú yìnyín. Ó lè yọ́ ju èyí lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo yẹn lẹ́ẹ̀kan, ikùn wo ló máa gbà á? Inú á tún run wọ́n. Kí lo wá máa dà nù nígbà yẹn, ọkọ mi?”

Ó wo agolo, ó wo ife. Ó gba ọmọ lẹ́sẹ̀ mi, ó ń rìn kiri pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ tí Shamsudeen dá pé, ṣáájú ìṣínu, òun àti àwọn yòókù pé sí jíìmù. Qoyum ti to ife mẹ́rin sórí bẹ́ǹṣì. Omi tútù wà nínú méjì, omi wọ́ọ́rọ́ wà nínú méjì. Síbí kékeré inú agolo ló lò fún gbogbo rẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ó bu ti àpò sí tútù kan àti wọ́ọ́rọ́ kan, ó bu ti agolo sí àwọn yòókù. Ó ní kí mẹ́rin nínú wọn mú ife kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jọ rò ó. Gbogbo wọn ń gbààwẹ̀, kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò, ojú ni wọ́n fi ń wò.

Èyí tó kúnná nínú omi wọ́ọ́rọ́, kí n tó pe bisimilá tán, ó ti lọ. Ti àpò nínú omi wọ́ọ́rọ́ pẹ́ díẹ̀, ẹni tó mú un ń rò ó, ó ń wojú wa, ṣùgbọ́n ó lọ, ife náà mọ́. Nínú omi tútù, èyí tó kúnná fò káàkiri bí ìkùukùu, púpọ̀ nínú rẹ̀ yọ́, ìwọ̀nba ló wá rọra jókòó sísàlẹ̀. Ti àpò nínú omi tútù, bí ẹni tó mú un ṣe yọ síbí, ó ti sùn.

Qoyum wá sọ ọ́. Ó ní nǹkan kan náà ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe. Ó ní èyí tó kúnná ń tètè yọ́, ó sì rọ ikùn lọ́rùn ju èkejì lọ fún ẹni tó bá ń mu ún ní tútù, ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Ó ní inú tó run wọ́n kì í ṣe ẹjọ́ páúdà. Òun lòun ní kí wọ́n kó ti ọjọ́ kan pọ̀, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi ìlọ́po mẹ́rin sílẹ̀, kí wọ́n máa lo síbí kékeré kan péré lẹ́yìn ìṣínu, pẹ̀lú omi tó pọ̀, kí wọ́n sì máa mu omi títí di sààrì. Yóò kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó kún inú iṣan ni, bí oṣù kan, ṣùgbọ́n yóò kún.

Shamsudeen gbé ife tó sùn yẹn sókè, ó ń yí i.

“Nígbà tí o ní ká kó o pọ̀,” ó ní, “ṣé o mọ̀ ọ́n ni, àbí o kàn sọ ọ́?”

“Mo kàn sọ ọ́ ni, bọ̀dá.”

Ọ̀kan nínú wọn, Israfil, dìde, ó mú báàgì rẹ̀. Ó ní inú ti òun run ju ti gbogbo wọn lọ, òun ò sì lè máa sanwó fún ẹni tó ń dán nǹkan wò lára òun. Ó kí mi, ó jáde, kò sì padà wá di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo mọ ilé ìgbẹ́ yẹn.

Àwọn tó kù ń wo Shamsudeen. Ó gbé ife sílẹ̀, ó béèrè iye tí agolo orí bẹ́ǹṣì jẹ́. Qoyum sọ fún un, ó sì ní bí wọ́n bá ní sùúrù láti lọ́ omi, kò sídìí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ná iye yẹn. Shamsudeen ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò ní tìtorí páúdà dáná lẹ́yìn ààwẹ̀, omi tútù ni òun ń fẹ́, òun á san án. Ó mú agolo. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní owó ìjọba lápò, àwọn á máa bá ti àpò lọ. Èmi náà wà nínú wọn. Omi ìwẹ̀ ọmọ wà lórí iná láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kí ló tún kù?

Wọ́n pe ìrun, a ṣínu, wọ́n kírun tán. Mo padà sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ. Mo rí Shamsudeen tó ń to irin sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá, ó ń fi kún un, mi ò rí i kó gbé tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Àwọn tó ń palẹ̀ mọ́ dúró. Ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó di ọ̀pá mú, kò gbórí sókè.

“Qoyum,” ó ní, “ṣé o wà níbẹ̀?”

Qoyum ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ irin.